18.10 kọ́ ni 18.1: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ríra ọjà ilé kíkọ́

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn tó ń kọ́lé ra ọjà, pàápàá àwọn tó wà lókè òkun tí ilé wọn ń lọ lọ́wọ́ n'Ìbàdàn. Tí ọjà ò bá tó, tàbí tí kò bá wọ ibi tó yẹ kó wọ̀, ohun tí onílé kọ́kọ́ máa ń rò ni pé wọ́n ti jí nínú ẹ̀, tàbí pé ọlọ́jà rẹ́ òun jẹ. Irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, n ò jiyàn. Àmọ́ èyí tí ojú mi rí jù ni pé káfíńtà ń sọ fíìtì, ilé iṣẹ́ tó ń gé páànù ń sọ mítà, pẹ́ńtà ń ka gálọ̀nù, lítà ló sì wà lára tíìnì ọ̀dà. Kò sẹ́ni tí kò mọ iṣẹ́ ẹ̀ nínú wọn. Ibi tí wọ́n ti ń yí ìwọ̀n ẹnì kan sí ti ẹnì kejì ni owó onílé ń gbà lọ.

Páànù ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, torí ọjà tí wọ́n bá ti gé fún èèyàn kò ṣe é dá padà. Páànù alumíníọ̀mù gígùn, lọ́ǹgísípáànù, ilé iṣẹ́ máa ń gé e ní gígùn tí ẹ bá fún wọn gan-an ni. Tí wọ́n bá ti gé e tán, ó di tiyín, yálà ó bá òrùlé yín mu tàbí kò bá a mu.

Nílé kan tí mo bá wọn débẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́, káfíńtà ti wọn òrùlé dáadáa. Ó fa tépù láti ṣóńṣó òrùlé wá sí ìsàlẹ̀, ó sì fi díẹ̀ kún un kí páànù lè yọ kọjá pákó etí òrùlé, kí omi òjò má bàa máa rin pákó náà. Fíìtì 18 àti íǹṣì 10 ló bá a dé. Ó kọ ọ́ sára pákó bí gbogbo káfíńtà wa ṣe ń kọ ọ́: 18.10. Wọ́n ya fọ́tò pákó náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá onílé ṣe ìwé ọjà. Òun náà mọ̀ pé fíìtì 1 jẹ́ mítà 0.3048. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù báyìí:

```
18.10 × 0.3048 = 5.51688
```

Ó kọ mítà 5.52 ránṣẹ́. Ìṣirò náà ò ní àbùkù kankan, ohun tó fi ṣe ìṣirò ni kò tọ̀nà. Lójú fóònù, 18.10 àti 18.1 kò yàtọ̀ síra: fíìtì 18 àti ìdá kan nínú mẹ́wàá fíìtì ni. Ìdá kan nínú mẹ́wàá fíìtì kò ju íǹṣì 1 àti díẹ̀ lọ. Íǹṣì 10 ni káfíńtà ní lọ́kàn. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é ni pé kí wọ́n sọ gbogbo ẹ̀ di íǹṣì kọ́kọ́, kí wọ́n tó sọ ọ́ di sẹ̀ńtímítà:

```
18 × 12 + 10 = 226
226 × 2.54 = 574.04
```

Mítà 5.74 nìyẹn. Páànù kọ̀ọ̀kan fi sẹ̀ńtímítà 22 kúrú. Tí wọ́n bá fà á sókè kó lè wọ abẹ́ kápù tó bo ṣóńṣó òrùlé, pákó etí òrùlé á wà níta gbangba, òjò á máa nà án. Tí wọ́n bá sì jẹ́ kó bo pákó nísàlẹ̀, kápù ò ní dé orí ẹ̀ lókè, omi á máa wọlé. Níkẹyìn, wọ́n ra páànù míì, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì fi lé e látìsàlẹ̀. Ẹni tó bá dúró lójú títì á rí ìlà ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ń jẹ́ kí àṣìṣe yìí pẹ́ kó tó hàn ni pé kì í fi gbogbo ìgbà pa èèyàn lára. Ẹ wo fíìtì 18 àti íǹṣì 6 tí wọ́n kọ ní 18.6. Fóònù á rò pé fíìtì 18 àti ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni, èyí sì ju íǹṣì 7 lọ. Páànù á gùn ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 3, káfíńtà á gé e kúrò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Láti íǹṣì 1 dé 9, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí: á máa lé ni. Íǹṣì 10 àti 11 nìkan ló ń dín, kì í sì í ṣe díẹ̀. Ẹni tó bá ti ń ṣe é báyìí láti ilé dé ilé lè máa rò pé ọ̀nà òun dára, títí ọjọ́ tí òrùlé kan á fi já sí íǹṣì 10.

Mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò látẹ̀yìn wá síwájú kí n tó sanwó. Tí wọ́n bá fún mi ní mítà 5.52, màá fi 0.3048 pín in, á fún mi ní fíìtì 18.11. Màá wá fi 12 sọ 0.11 yẹn di púpọ̀, ó di íǹṣì kan àti díẹ̀. Màá pe káfíńtà: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, páànù yẹn, ṣé fíìtì 18 àti íǹṣì 1 ni?” Tó bá ní “Rárá o, íǹṣì 10 ni mo kọ,” a ti bọ́ nìyẹn. Látìgbà náà, mi ò kì í gba ìwọ̀n tí wọ́n fi póìǹtì sáàárín fíìtì àti íǹṣì mọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ ní 18ft 10in, tàbí kí wọ́n yí ojú tépù padà kí wọ́n ka sẹ̀ńtímítà tààrà fún mi. Ó ṣe tán, méjèèjì ló wà lára tépù.

Òmíràn tó jọ ọ́ ni ti àwọn tó máa ń sọ pé fíìtì 1 jẹ́ sẹ̀ńtímítà 30. Lórí nǹkan kékeré, kò burú. Ṣùgbọ́n ìdajì sẹ̀ńtímítà ni wọ́n ń jẹ gbèsè rẹ̀ lórí fíìtì kọ̀ọ̀kan. Fèrèsé fíìtì 4 jẹ́ sẹ̀ńtímítà 121.9, kì í ṣe 120. Fíìtì 18 tí wọ́n bá sọ di mítà 5.40 yóò fi bíi sẹ̀ńtímítà 9 kúrú. Bí ihò fèrèsé bá wà nílẹ̀, mi ò kì í lo ìwọ̀n inú àwòrán rárá, ihò náà gan-an ni kí wọ́n lọ wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ tán, torí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ náà á ti jẹ nínú àyè ẹ̀.

Ti ọ̀dà yàtọ̀, torí orúkọ kan náà ni gbogbo èèyàn ń pè, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni ò dọ́gba. Gálọ̀nù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lítà 4.546, ọdún 1824 ni wọ́n gbé e kalẹ̀ níbẹ̀. Amẹ́ríkà kò bá wọn yí padà, gálọ̀nù tí wọ́n fi ń wọn wáìnì látijọ́ ni wọ́n dì mú, lítà 3.785 nìyẹn. Nílé tiwa, tí ẹ bá ní kí ọlọ́jà fún yín ní gálọ̀nù ọ̀dà kan, tíìnì lítà 4 ló máa gbé fún yín, márùn-ún rẹ̀ ló sì wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20.

Àǹtí kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ìṣirò ọ̀dà ìta ilé rẹ̀ fúnra ẹ̀. Ògiri náà jẹ́ sìkúéà mítà 340, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa kùn ún, wọ́n sì kọ ọ́ sára tíìnì pé lítà 1 á kun sìkúéà mítà 10 lẹ́ẹ̀kan. Lítà 68 ni. Torí pé gálọ̀nù ni pẹ́ńtà ń sọ, ó ní kí fóònù bá òun sọ ọ́ di gálọ̀nù. `UK gal` ló wà lójú fóònù ẹ̀, ó fún un ní 14.96. Ó ní kí wọ́n ra gálọ̀nù 15. Ọlọ́jà kó tíìnì 15 fún wọn, lítà 60. Lítà 8 ló dín, ògiri sìkúéà mítà 40 nìyẹn, ẹ̀yìn ilé látòkè délẹ̀.

Kí wọ́n ra tíìnì méjì sí i kò le. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọ̀ tí wọ́n pò ní ṣọ́ọ̀bù ni. Èyí tí wọ́n bá pò lónìí lè má rí bákan náà pẹ̀lú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí nọ́ḿbà àwọ̀ náà tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Tí oòrùn bá ràn sí i, ẹ máa rí ibi tí ti àná parí sí. Pẹ́ńtà tó gbọ́n tún lè gbà yín níbẹ̀: kó má fi ti tuntun parí àárín ògiri, kó dá a dúró ní igun ilé, kó sì po ohun tó ṣẹ́kù nínú ti àtijọ́ mọ́ ti tuntun nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan. Ìyẹn tó bá rántí fi díẹ̀ sílẹ̀ o.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ká ní Amẹ́ríkà ni àǹtí wà, tí fóònù ẹ̀ sì ń lo `US gal`, 17.96 ni ì bá rí, á ra tíìnì 18, lítà 72, ọ̀dà á sì ṣẹ́kù. Kò ní mọ̀ láé pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá sọ fún mi pé òun ti fi gálọ̀nù ṣe é rí tó sì tó, ìyẹn ò fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ti táìlì, n ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Yàrá fíìtì 12 sí fíìtì 15 jẹ́ sìkúéà fíìtì 180. Àwọn kan á fi 3.28 pín in torí pé iye fíìtì tó wà nínú mítà kan nìyẹn, wọ́n á ní sìkúéà mítà 55. Kò rí bẹ́ẹ̀, 10.76 ni wọn ì bá fi pín in, torí gígùn àti fífẹ̀ ló ń yí padà pọ̀. Sìkúéà mítà 16.7 ni. Tí páálí táìlì sẹ̀ńtímítà 60 sí 60 bá gba mẹ́rin, sìkúéà mítà 1.44 ló wà nínú páálí kan, páálí 12 ló máa tó yàrá yẹn ká tó fi ti èyí tó máa fọ́ kún un. Ẹni tó ra ti 55 máa gbé páálí 39 wálé. Ó rọrùn láti bọ́ nínú èyí: ẹ sọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan di mítà kọ́kọ́, 3.66 àti 4.57, kẹ́ ẹ tó sọ wọ́n di púpọ̀.

Bí mo ṣe ń kọ ọjà ránṣẹ́ báyìí ni pé mo máa ń lo ìwọ̀n tó wà lára ọjà náà gan-an, n kì í lo ti ẹni tó fẹ́ lò ó. Fún páànù, mítà ni, pẹ̀lú fíìtì àti íǹṣì tí káfíńtà wọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹlòmíì lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Fún ọ̀dà, mo ń kọ ọ́ báyìí: “Bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20, mẹ́ta, tíìnì lítà 4, méjì, àwọ̀ kan náà, kí ẹ pò ó pọ̀ lọ́jọ́ kan náà.” Tí ọlọ́jà bá pè mí padà pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé gálọ̀nù 17 lẹ ń sọ ni?” màá ní kó ka iye bọ́kẹ́ẹ̀tì àti tíìnì tó wà nílẹ̀ fún mi.