Àyẹ̀wò ọdún 2025: fíìmù tí mo fetí wò

Nínú gbogbo ohun tí ọdún yìí gbé wá bá mi nílùú Ìbàdàn, ti fíìmù ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí ọdún tó yí. Fíìmù Yorùbá ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, mo sì máa ń wo ti Ghana lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún yìí ni mo bọ́ sọ́wọ́ Ousmane Sembène, ọmọ Ziguinchor ní Senegal, ẹni tó ru ẹrù ní èbúté Marseille, tó kọ ìwé ìtàn, kó tó lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Moscow. Mo wo díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Mandabi, tó gbé jáde ní 1968, ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Ibrahima Dieng, bàbá oníyàwó méjì ní Dakar, kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ ọmọ-ìyá rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ títì ní Paris fi mọníọ́dà 25,000 fáránkì ránṣẹ́ sí i: kó bá òun fi 20,000 pamọ́, kó fún ìyá òun ní 3,000, kí Dieng fúnra rẹ̀ mú 2,000. Kó tó gbọ́, àwọn ìyàwó rẹ̀ ti gba ìrẹsì àwìn lọ́dọ̀ Mbarka onísọ́ọ̀bù, gbogbo àdúgbò sì ti mọ̀ pé owó dé. Ó dé pósí-ọ́fíìsì, wọ́n ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Ó dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kó mú ìwé ìbí àti fọ́tò wá. Ó lọ gba ìwé ìbí, wọ́n bi í lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kò mọ̀ ọ́n. Onífọ́tò gbowó, kò sí fọ́tò. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bo imú bàbá. Gbèsè sì ń ga sí i lórí owó tí kò tíì fojú rí.

Bí o bá ń ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ nìkan, ohun tó dùn jù níbẹ̀ á fò ọ́ ru. Ìtumọ̀ náà kì í sọ pé èdè méjì ló wà nínú fíìmù. Wolof ni Dieng ń sọ. Níbẹ̀rẹ̀, onígbàjámọ̀ ń fá orí rẹ̀ níta gbangba, ó tiẹ̀ ki abẹ bọ ihò imú rẹ̀ láti gé irun ibẹ̀, Dieng sì jókòó bí ọba. Nílé, ohùn rẹ̀ ló ń ròkè. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì, Faransé ni akọ̀wé ń sọ lù ú, bàbá tó ń pàṣẹ nílé á wá di ẹni tó ń wá ẹni tí yóò bá a kàwé. Etí nìkan ló lè mú ìyípadà yẹn.

Mo gbé e lọ wò pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Òkè-Àdó, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní pósí-ọ́fíìsì nígbà ayé mọníọ́dà. Wọn kò gbọ́ Wolof, wọn kò gbọ́ Faransé, mo sì ń túmọ̀ fún wọn. Nígbà tí a dé ibi ìwé ìbí, wọ́n dá mi dúró: “Má wulẹ̀ túmọ̀ ìyẹn. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bi í.” Nígbà tí Mbaye, ìbátan Dieng tó mọ̀wé, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tó lọ gba owó náà, tó sì ní wọ́n ti jí i lápò òun, tó wá gbé 5,000 àti àpò ìrẹsì kan lé e lọ́wọ́, bàbá wa dìde, wọ́n ní kí n pa á ná.

Ní 1966, Sembène ti ṣe La Noire de..., ìtàn Diouana, ọmọ-ọ̀dọ̀ tí wọ́n mú lọ sí Antibes. Mbissine Thérèse Diop la rí, ṣùgbọ́n ohùn inú rẹ̀ tí a ń gbọ́, Faransé ni, Toto Bissainthe, ọmọ Haiti, ló sì sọ ọ́. Ó máa ń dùn mí pé ọmọbìnrin yẹn kò lè fi èdè rẹ̀ ronú nínú fíìmù tirẹ̀. Mandabi ni Sembène ti kọ́kọ́ fi Wolof ṣe fíìmù gígùn. Owó Faransé sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀dà méjì ló yà, ọ̀kan ní Wolof, ọ̀kan ní Faransé. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ fetí sí Dieng àti àwọn ìyàwó rẹ̀ nílé. Bó bá jẹ́ Faransé ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, ẹ pa á, ẹ wá ti Wolof.

Moolaadé, ti 2004, ni mo fi kádìí iṣẹ́ Sembène. Bambara ni wọ́n sọ níbẹ̀. Yeelen ti Souleymane Cissé, ọmọ Mali, tó jáde ní 1987, ló kàn. Bambara ni òun náà, etí mi á ti mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀dà rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.