Ìyá Ìbejì wo ló dúró fún un? Ohun tí mo kọ́ nídìí kíkọ ìwé ìpàdé ẹ̀yáwó

Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó nínú ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa, ìwé ìpàdé tí mo bá nílẹ̀ kún fún irú gbólóhùn yìí: "A fọwọ́ sí owó Ìyá Bùnmi. Ìyá Ìbejì ló dúró fún un." Ó parí síbẹ̀. Kò sí iye owó, kò sí ìgbà tí yóò san án tán. Ìyá Ìbejì mẹ́ta la sì ní nínú ẹgbẹ́. Nígbà tí owó ọ̀hún há, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní kì í ṣe àwọn.

Látìgbà yẹn, orúkọ tí a fi ń pe èèyàn lọ́jà kì í wọ ìwé mi. Orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé, bó ṣe wà nínú ìwé ọmọ ẹgbẹ́, ni mò ń kọ, màá sì fi nọ́ńbà rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn orúkọ onídùúró kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye owó tó dúró fún. Tí ẹ bá kàn kọ ọ́ pé "àwọn méjì ló dúró," ọjọ́ tí owó bá há lẹ máa mọ̀ pé kálukú ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹnì kejì.

Ẹ wo ti aláṣọ kan tó wá bá wa. Ó ní ₦300,000 nípamọ́, ó béèrè ₦800,000. Nínú òfin tiwa, ìlọ́po méjì owó àfipamọ́ lèèyàn lè yá, torí náà ₦600,000 ló tọ́ sí i. Mo kọ iye tó béèrè, mo kọ iye tí a fọwọ́ sí, mo sì kọ ìdí tí a fi gé e kù, kí ẹni tó bá ka ìwé náà lẹ́yìnwá má bàa rò pé a fìyà jẹ ẹ́ ni. Owó tirẹ̀ tó wà nílẹ̀ dúró fún ₦300,000. Ìyókù, ₦300,000, ni onídùúró máa gbé. Ó mú èèyàn méjì wá, ₦150,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹni àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Ẹnì kejì ní ₦250,000 nípamọ́, gbogbo ìgbìmọ̀ sì ti ń mi orí pé ó tó. Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè díẹ̀, mo ṣí ìwé ìpàdé ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà ti dúró fún ẹlòmíì ní ₦150,000, onítọ̀hún ò sì tíì san kọ́bọ̀. ₦100,000 péré ló kù tó lè fi dúró. Bí owó ẹnì kan ṣe tó kọ́ lẹ máa wò. Èyí tí kò tíì so mọ́ gbèsè ẹlòmíì nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. A sọ fún aláṣọ pé kó gba ₦550,000, tàbí kó wá ẹni kẹta fún ₦50,000. Ó wá ẹni kẹta.

Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí (mo yọ orúkọ wọn kúrò): "Nọ́ńbà 047 béèrè ₦800,000. A fọwọ́ sí ₦600,000, ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún náírà, torí òfin ìlọ́po méjì. Èlé ₦30,000. Yóò san ₦52,500 lóṣù fún oṣù 12. Àwọn onídùúró: 019, ₦150,000, 112, ₦100,000, 063, ₦50,000. A ti di iye wọ̀nyí mú nínú owó àfipamọ́ wọn." Mo fi ọ̀rọ̀ kọ owó náà torí òdo kan kò ṣòro fi kún un.

Bí ọmọ ìgbìmọ̀ bá wà lára àwọn tó ń yá owó, kó jáde kúrò nínú ìpàdé nígbà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá kàn, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ pé ó jáde.

Èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni àfikún. Ẹnì kan yá owó, ó san díẹ̀, ó tún béèrè sí i, ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni ò sì ké sí onídùúró. Ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wà. Nígbà tí wọ́n lọ bá onídùúró, fọ́ọ̀mù tó fọwọ́ sí níjọ́sí ló nà sí wọn: "Iye tí mo mọ̀ nípa ẹ̀ nìyí." Kò sí ohun tí wọ́n rí sọ. Bí owó bá lé sí i, tàbí ìgbà ìsanwó bá sún síwájú, onídùúró gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọjọ́ tó fọwọ́ sí i sì wọ inú ìwé ìpàdé.

Ọ̀pọ̀ akọ̀wé sì máa ń gbàgbé láti tú onídùúró sílẹ̀. Lóṣù tí aláṣọ san ₦52,500 tó kẹ́yìn, mo kọ ìlà kan pé gbèsè 047 ti tán, a sì ti tú owó 019, 112 àti 063 sílẹ̀. Ní ìpàdé yẹn kan náà ni 063 béèrè ẹ̀yáwó tirẹ̀.