Ọkọ ni àbí ọkọ̀? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí pípín ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sí orí

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ara mi ò sì tíì balẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n máa ń fi àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ránṣẹ́ sí pé kí ẹ bá àwọn pín fídíò gígùn sí orí, kí ẹ sọ orí kọ̀ọ̀kan lórúkọ, kí ẹ fi àkókò sí i, ẹ̀yin lẹ máa tètè mọ ohun tí ojú mi rí.

Màmá kan tó ti ń ta ẹja tipẹ́ ní Ọjà Olúwo, níbí ní Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló dé tí n ò fi etí gbọ́ ọ. Wọ́n ní fídíò náà ti wúwo jù láti fi ránṣẹ́, àkọsílẹ̀ nìkan ló dé ọwọ́ mi, ẹni tó sì tẹ̀ ẹ́ kò fi àmì ohùn kankan sí i.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń wá ọ̀rọ̀. Mo tẹ "eja", mo tẹ "omo", mo tẹ "oko", ibi tí ọ̀rọ̀ kan bá ti pọ̀ ni mò ń fi orí sí. Ibí yìí ni mo kàn:

```
412
00:38:51,200 --> 00:38:55,900
odun yen gan ni oko mi ri sinu osa

413
00:38:56,100 --> 00:39:00,400
mo sunkun titi mi o le jeun
```

Omi bọ́ lójú mi. Obìnrin tó ń sunkún tí kò lè jẹun, tí ó ní "oko mi ri sinu osa", kí ni kí n tún máa rò? Mo kọ ọ́ báyìí: "38:51 Bí ọkọ mi ṣe bá omi lọ". Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé fídíò náà síta.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ Sátidé, fóònù mi ti ń dún. Màmá fúnra wọn ni. Wọn ò kí mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ẹ pé ọkọ mi kú?" Ẹ̀yìn wọn ni mo ti ń gbọ́ ẹkún. Ìbátan ọkọ wọn kan ló gbéra láti Èjìnrìn láàárọ̀ kùtù, tó ń ké bọ̀ láti ojú títì, tó wọ inú ọgbà, tó bá bàbá lórí àga níwájú ilé, orín lẹ́nu wọn. Ó figbe ta, ó ṣubú lulẹ̀. Àwọn ará àdúgbò sáré jáde. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi náà ti rí i, ọ̀kan ti fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi bo bàbá láṣìírí nínú ilẹ̀. Bàbá ò sọ̀rọ̀ rárá. Màmá ní wọ́n kàn ń wo iwájú ni, orín yẹn kò kúrò lẹ́nu wọn. Èyí ló dùn mí jù. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, Yorùbá ni mò ń sọ láti kékeré, kì í ṣe pé n ò gbọ́ èdè.

Ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ ojú omi tí Màmá fi ń lọ ra ẹja ló rì. Ohun tó sì ń jó mi nínú títí di ìsinsìnyí ni pé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn kan náà. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sísàlẹ̀ péré:

```
431
00:40:22,000 --> 00:40:26,700
osu keta leyin e ni mo ra omiran
```

Ta ni í ra ọkọ òmíràn? Ká ní mo kà á dé ibẹ̀ ni, wàhálà ti tán.

Mo yí àkọlé náà padà lójú ẹsẹ̀, èmi àti ìyá mi lọ kúnlẹ̀ fún bàbá, wọ́n sì gbà.

Nítorí náà, ẹ má fi ìlà kan tàbí méjì sọ orí lórúkọ. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan láìfi àmì síbi kankan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa kọ ìbéèrè olóòtú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́tàlélógún ni mo bá nínú ti Màmá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn ń tọ pinpin ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ni, orí mẹ́sàn-án ló sì jáde níkẹyìn. Bí ọ̀rọ̀ tí a kò fàmì sí bá máa wọ inú àkọlé, bí "oko" tàbí "ile" tàbí "owo", ẹ wá ìlà mìíràn níwájú tàbí lẹ́yìn tó sọ ohun tí ó jẹ́. Bí ẹ ò bá rí ìlà bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ orí náà, tàbí kí ẹ pe ẹni tó ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà. Ìpè kan ni ì bá gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú yìí.

Mo tún ṣi ibi tí orí náà ti bẹ̀rẹ̀. 38:51 ni Màmá ti dárúkọ ọkọ̀, àmọ́ 38:29 ni olóòtú ti bi wọ́n pé kí ló burú jù tí ojú wọn rí nínú òwò ẹja. Ibi ìbéèrè ni orí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ 38:51 á bọ́ sáàárín gbólóhùn, kò ní mọ ọdún wo ni "ọdún yẹn". Nígbà tí Màmá sì tún mẹ́nu ba ọkọ̀ yẹn lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni, kò yẹ kó di orí mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "oko" pọ̀ níbẹ̀.

38:29 náà kò sì bọ́ sí i. Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú àkọsílẹ̀ parí ní 1:51:20, fídíò tó jáde sì jẹ́ 1:52:05. Ìṣẹ́jú àáyá márùndínláàádọ́ta ni wọ́n fi orin àti àwòrán ọjà ṣe ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tán. Mo fi 45 kún gbogbo àkókò, 38:29 di 39:14. Orí àkọ́kọ́ nìkan ni mo fi sílẹ̀ ní 0:00, torí Yútúùbù kì í fi orí hàn bí àkọ́kọ́ kò bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, bí wọn ò bá tó mẹ́ta, tàbí bí ọ̀kan bá kúrú ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: bí wọ́n bá gé nǹkan láàárín fídíò, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ọ̀kan náà láti òkè délẹ̀. Àkọsílẹ̀ ò lè sọ èyí fún yín. Ẹ bi ẹni tó gé fídíò ibi tó gé, kí ẹ sì ní kó bá yín wo gbólóhùn kan níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lópin.

Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni "39:14 Ọdún tí ọkọ̀ ojú omi mi rì". Màmá fúnra wọn ló ní kí n fi "ojú omi" kún un, nítorí àwọn tí fóònù wọn kì í gbé àmì jáde.