Kéèkì ìyá mi jìn láàárín lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu ààrò

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ló ṣẹlẹ̀, ọkàn mi kò tíì rọ̀ tán. Ìyá mi pé 70 ọdún, èmi ni mo sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra kéèkì, pé èmi fúnra mi ni màá yan án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yan kéèkì nílé mọ irú èyí tí mò ń sọ: bọ́tà 250 gíráàmù, ṣúgà 250, fúláwà 250, ẹyin márùn-ún, ṣíbí tíì méjì bèkín páúdà, nínú páànù roboto tó fẹ̀ ní 23 sẹ̀ǹtímítà. Ìlànà rẹ̀ ní kí ààrò wà ní 180°C, kí kéèkì sì lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Orí òṣùwọ̀n ni mo ti wọn gbogbo rẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí pé gbogbo ẹni tí mo fi fọ́tò hàn ló kọ́kọ́ ń sọ pé páúdà ni mo bù jù. N kò bù ú jù. Lóòótọ́, páúdà tó bá pọ̀ jù máa ń jẹ́ kí kéèkì rì, torí pé ihò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀ jù, á sì bẹ́ kí kéèkì tó le. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tèmi kọ́ nìyẹn.

Nígbà tó di ìṣẹ́jú 25, mo wo inú gíláàsì. Kéèkì ti wú dé etí páànù, inú mi dùn. Mo rí i pé apá kan ga ju ìkejì lọ, mo bá ṣílẹ̀kùn, mo fa páànù síta díẹ̀, mo yí i, mo sì tì í padà. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú. Mo ṣì bẹ̀rẹ̀ níwájú ààrò tí mò ń wò ó nígbà tí mo rí i pé àárín rẹ̀ ń mì, bí omi ṣe máa ń mì nínú àwo tí wọ́n bá gbé e rìn. Ó kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Kò já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o, díẹ̀díẹ̀ ló ń rì, àfi bí ìgbà tí ẹnìkan ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti òkè, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ yí ká dúró gbọn-in bí odi. Èmi náà ń wò ó, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Àbúrò mi wọlé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe é?" Ẹnu mi kò gba ọ̀rọ̀. Láti yàrá, mo gbọ́ ohùn ìyá mi: "Ṣé kéèkì mi ti jinná ni?"

Mo dáhùn pé, "Ó kù díẹ̀, mà." Omi ti lé sí mi lójú.

Ohun tó fa rírì yẹn nìyí. Etí kéèkì fara kan páànù tó gbóná, òun ló ń kọ́kọ́ le. Àárín ló ń gbẹ̀yìn. Kí ẹyin àárín tó dì, kí fúláwà rẹ̀ tó mu omi kó sì le nínú ooru, afẹ́fẹ́ gbígbóná àti oru omi inú ihò wẹ́wẹ́ nìkan ló gbé e ró. Bí o bá ṣílẹ̀kùn, ooru á tú jáde, afẹ́fẹ́ tútù á rọ́ wọlé, afẹ́fẹ́ inú àwọn ihò yẹn á sún kì, oru tó wà níbẹ̀ á padà di omi. Ara ihò náà ṣì rọ̀, kò lè dá dúró. Bó bá ti rì báyìí, kì í tún gòkè mọ́, torí pé páúdà ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀.

Mo yan òmíràn lọ́gán. Lọ́tẹ̀ yìí n kò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rárá títí ó fi di ìṣẹ́jú 50. Mo ki igi ìtayín bọ̀ ọ́, ó jáde láìsí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, mo gbé e síta. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí irin tí mo gbé e lé kó lè tutù tí àárín òun náà fi jìn. Nígbà tí mo gé e, mo rí ìlà kan tó tutù, tó ki bí ọṣẹ tó ti rọ̀, ní ìsàlẹ̀ ibi tó jìn gan-an. Kò tíì jinná nìyẹn. Ibi tí mo gún kì í ṣe àárín, ó sún mọ́ etí, ibẹ̀ sì ti jinná tipẹ́.

Èyí ló bí mi nínú jù, torí n kò ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló béèrè pé, "Ta ló sọ fún ẹ pé 180 ni ààrò ẹ wà?" Mo ní bọ́tìnì ló sọ ọ́. Ó gbé tẹmómítà ààrò tirẹ̀ wá, a gbé e sí àárín ibi tí páànù máa ń jókòó, a yí bọ́tìnì sí 180. Iná pupa kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èyí tó yẹ kó túmọ̀ sí pé ó ti gbóná tó. Tẹmómítà ń sọ 140. A dúró fún ìṣẹ́jú 20 sí i, a ń wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, láàárín 150 sí 160. Kò dé 180 rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀, kódà bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù. Bọ́tìnì kì í ṣe tẹmómítà. Aago kò mọ ibi tí kéèkì dé. Ìṣẹ́jú 50 inú ìlànà jẹ́ ìṣẹ́jú 50 nínú ooru 180 tòótọ́. Nínú ààrò tèmi, kéèkì tó ti lo ìṣẹ́jú 25 ṣì rọ̀ gan-an láàárín, òun ni mo sì lọ ṣílẹ̀kùn fún. Ààrò tó tutù jù ló pa kéèkì méjèèjì. Ó mú kí àkọ́kọ́ ṣì rọ̀ nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ó sì mú kí n gbé èkejì jáde ní tútù. Àwọn kan á ní ilẹ̀kùn ṣáá ni. Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n ó máa ń bá ààrò tí kò gbóná tó ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ààrò tó gbóná jù náà lè mú kí kéèkì rì. Òkè á tètè pupa, á sì sán, ẹ ó rò pé ó ti jinná, ẹ ó gbé e jáde nígbà tí àárín ṣì ń ṣàn.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí àkókò náà ti lọ dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí òkè ti ní àwọ̀, kí ó má mì mọ́. Àárín gan-an ni kí ẹ ti gún un. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀; bó bá fò padà, tó sì ti ń yọ kúrò lára páànù, ó ti jinná.

Mo yan ẹ̀kẹta lálẹ́ ọjọ́ náà, bọ́tìnì wà ní 205, tẹmómítà sọ 180, ìṣẹ́jú 52, ó dúró. Mo ti lẹ ìwé kékeré mọ́ ara ààrò: 205 ni 180. Bọ́tìnì ààrò lè tún yí padà bó ṣe ń gbó, nítorí náà tẹmómítà náà kò kúrò níbẹ̀ mọ́, a kò sì tíì dá a padà fún ẹ̀gbọ́n mi.