Ìlà Nótíìsì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo ń ṣe láti ìgbà tí mo ti dé Àbújá, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ sì wà lára ohun tí mo máa ń tẹ̀ fún àwọn ọ̀gá mi. Ohun tí mo ti rí kọ́ nídìí rẹ̀ ni pé ojú ìwé kìíní, níbi tí owó oṣù wà, ni ẹni tó ń wáṣẹ́ máa ń kà. Ojú ìwé kẹta ni lọ́yà ilé iṣẹ́ máa ń lo àkókò lé lórí.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Kúbúwà rí iṣẹ́ akọ̀wé ibi ìkẹ́rùsí kan ní Útákò. Ó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, wọ́n ní kí n buwọ́ lù ú lọ́la.” Owó oṣù jẹ́ ₦240,000. Wọ́n pín in báyìí: básíìkì ₦80,000, owó ilé ₦60,000, owó ọkọ̀ ₦40,000, àwọn àlàwánsì yòókù ₦60,000. Ẹ fi ìpín yẹn sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́.

Lẹ́tà náà ní oṣù mẹ́fà ni wọn yóò fi dán an wò, “ilé iṣẹ́ sì lè fi kún un.” Títí di ìgbà wo? Wọn ò sọ. Láàárín àkókò yẹn, ilé iṣẹ́ lè dá a dúró pẹ̀lú nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kí wọ́n fún un ní básíìkì ọ̀sẹ̀ kan dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun bá fẹ́ lọ, nótíìsì oṣù kan ni, tàbí kó san odidi owó oṣù kan padà.

Mo ní kó jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Básíìkì ọ̀sẹ̀ kan kò ju nǹkan bíi ₦20,000 lọ. Tí òun bá sì lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, ₦240,000 ló jẹ wọ́n. Ó pariwo, “Háà! Iṣẹ́ kan náà?”

Ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n kọ yẹn kò tàpá sófin. Òfin òṣìṣẹ́ wa, tó ń dáàbò bo oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé, sọ pé nótíìsì ọjọ́ kan tó fún ẹni tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti lò jù bẹ́ẹ̀ lọ àmọ́ tí kò tíì pé ọdún méjì. Máníjà àtàwọn amọṣẹ́dunjú kò sí lábẹ́ òfin yẹn rárá, lẹ́tà ọwọ́ wọn ló kù tí wọn yóò gbójú lé. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ rèé: bí ilé iṣẹ́ aládàáni bá lé èèyàn lọ́nà àìtọ́, tó sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, owó nótíìsì yẹn ni adájọ́ sábà máa ń fi wọn owó gbà-má-bínú. Ẹni tó buwọ́ lu básíìkì ọ̀sẹ̀ kan ti gbà pé iye tí wọ́n lè fi lé òun nìyẹn.

Ti oṣù ìdánwò tí kò lópin ńkọ́? Ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ rí pé bí àkókò ìdánwò bá parí, tí wọ́n ṣì ń lo èèyàn tí wọ́n sì ń sanwó fún un, bí ẹni tí wọ́n ti fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ ló rí. Gbólóhùn “lè fi kún un” yẹn ni wọ́n fi ń sá fún un.

Lẹ́yìn náà ni owó ìfẹ̀yìntì: lẹ́tà náà ní yóò bẹ̀rẹ̀ “lẹ́yìn tí a bá fìdí iṣẹ́ múlẹ̀.” Òfin ọdún 2014 ní kí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá mẹ́jọ, lórí básíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀. Ti àbúrò mi, ₦180,000 ni wọn yóò fi ṣírò. ₦18,000 ló yẹ kí ilé iṣẹ́ dá lóṣooṣù, ó sì di ₦108,000 láàárín oṣù mẹ́fà. Èmi ò rí ìdí tí wọ́n fi máa fi pamọ́ sábẹ́ ìdánwò.

Mo ní kó má fi ẹnu bèèrè. Ó kọ ímeèlì kúkúrú, ó dúpẹ́ fún iṣẹ́, ó wá ní kí wọ́n bá òun tún nǹkan mẹ́ta kọ: kí ìdánwò má kọjá oṣù mẹ́sàn-án lápapọ̀, kí nótíìsì ìhà méjèèjì dọ́gba kí wọ́n sì fi odidi owó oṣù ṣírò rẹ̀, kí owó ìfẹ̀yìntì bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní. Ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò gba iṣẹ́ náà padà. Wọn ò gbà á padà. Wọ́n gba ti oṣù mẹ́sàn-án àti ti owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n sì mú nótíìsì dọ́gba, ọ̀sẹ̀ méjì síhìn-ín, ọ̀sẹ̀ méjì sọ́hùn-ún. Fífi básíìkì ṣírò rẹ̀ ni wọ́n kọ̀ láti yí padà. Ó buwọ́ lù ú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró títí ọ̀gá fi buwọ́ lu ẹ̀dà tirẹ̀ náà kó tó kúrò níbẹ̀.