Ìkéde Ìpàdé Òǹkàwé àti Oṣù Tó Ní Sátidé Márùn-ún

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ gba iṣẹ́ ìkéde lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù ìwé, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí èyí tí ẹ gbé jáde fún ìpàdé òǹkàwé tó ń bọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dára, àwòrán náà wuyì. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ kò ju báyìí lọ: "Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ní ìrọ̀lẹ́, a ó jọ ka Fágúnwà." Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, lẹ́yìn náà inú bí mi díẹ̀, torí irú ìkéde yìí gan-an ni wọ́n fi bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́dún 2025.

Ẹ̀kọ́ mélòó kan ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fún yín.

Èkíní, ẹ kọ orúkọ ọjọ́, ẹ kọ iye ọjọ́ oṣù, kí ẹ sì kọ oṣù fúnra rẹ̀. Ẹ má kọ "ọ̀la" sínú ìkéde láéláé. Ẹni tó gbà á lórí Wásáàpù lálẹ́ yìí lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ náà á sì gbéra lọ́jọ́ tí ìpàdé ti tán.

Èkejì, ẹ kọ orúkọ ìwé tán, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ sì sọ èdè tí a ó ti kà á. Kí ìwé náà ti wà lórí pẹpẹ kí ẹ tó kéde rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Ìbàdàn lẹ ti fẹ́ ránṣẹ́ rà á, ẹ dúró dìgbà tí páálí bá wọlé.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kọ báyìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Sátidé kẹrin oṣù ni ẹgbẹ́ wa máa ń pàdé. Nínú ọ̀pọ̀ oṣù, Sátidé kẹrin náà ló máa ń gbẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi bìkítà èwo nínú méjèèjì la pè é. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ní Sátidé márùn-ún: ọjọ́ 2, ọjọ́ 9, ọjọ́ 16, ọjọ́ 23 àti ọjọ́ 30. Ọ̀gá wa fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ 30, nítorí èrò ọdún Ọ̀ṣun ti kún ìgboro Òṣogbo nínú oṣù náà, ó fẹ́ kí ara rọ gbogbo èèyàn kí wọ́n tó wá jókòó ti ìwé. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Mo kọ ìkéde, mo fi ọjọ́ sí i, mo fi ìwé sí i, mo fi aago sí i. Ọ̀gá kà á, ó ní ó ti gùn jù, pé ta ló fẹ́ ka gbogbo ìyẹn lórí fóònù. Ó gbé e fún ẹni tó ń bá wa ṣe àwòrán ìpolówó, ìyẹn sì gé e kù sí: "Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Igbó ti Fágúnwà. Aago mẹ́rin." Mo sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀.

Ní ọjọ́ 23, àwọn tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ dé bí wọ́n ṣe máa ń dé, torí Sátidé kẹrin ni ara wọn mọ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wọ ọkọ̀ láti Ìkìrun, wọ́n sọ̀ ní Ọláìyá, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wa, wọn ò rí àga kankan tí a tò. Èmi ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Wọn ò bínú lójú mi, ṣùgbọ́n wọn ò padà wá ní ọjọ́ 30.

Àwọn tó wá ní ọjọ́ 30 kò pọ̀, wàhálà kejì sì ń dúró dè wá. Ìwé Fágúnwà tí orúkọ wọn ní "igbó" nínú ju ẹyọ kan lọ. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde ní 1938, Igbó Olódùmarè jáde ní 1949. Èyí tó jáde ní 1949 ni ọ̀gá ní lọ́kàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Kàkó inú ìwé àkọ́kọ́, ìyá kan dá a lóhùn pẹ̀lú Èṣù-kékeré-òde inú èkejì, ọ̀rọ̀ náà sì ń lọ gẹ́gẹ́ bí ìjíròrò gidi! Ohun tó fà á ni pé Àkàrà-ògùn ló ń sọ ìtàn nínú ìwé méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, ìrìn àjò tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń rò. Nínú èkejì, ti Olówó-ayé bàbá rẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá dárúkọ Àkàrà-ògùn, ẹnì kejì á mi orí. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó béèrè pé ta ni Olówó-ayé. Ẹlòmíràn sì mú ti Gẹ̀ẹ́sì wá, torí Ṣóyínká ti túmọ̀ ìwé méjèèjì, ti àkọ́kọ́ ní 1968, èkejì ní 2010, a ò sì sọ èdè tí a fẹ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ọ̀gá dìde níwájú gbogbo wọn, ó ní "àwọn ọmọ tó ń kọ ìkéde" kò fara balẹ̀. Ó ń wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ṣì wà lórí fóònù mi dòní. Mo da díẹ̀ nínú rẹ̀ kọ fún yín:

"Ìpàdé òǹkàwé. Sátidé, ọjọ́ 30, oṣù Kẹjọ, 2025. (Sátidé karùn-ún ni o, kì í ṣe ọjọ́ 23.) Ilẹ̀kùn á ṣí ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, a ó parí ní aago mẹ́fà. Ìwé: Igbó Olódùmarè, D. O. Fágúnwà, ìtàn Olówó-ayé. Ní Yorùbá la ó ti kà á. Ìwé wà ní ṣọ́ọ̀bù."

Ẹ wo ohun tó wà nínú àkámọ́ yẹn. Nígbà tí ọjọ́ bá yàtọ̀ sí èyí tí ara ti mọ̀, ẹ má kọ ọjọ́ tuntun nìkan, ẹ dárúkọ ọjọ́ àtijọ́ náà kí ẹ sì sọ pé kì í ṣe òun. Ẹni tó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ kì í ka ìkéde dáadáa, ó kàn ń wò ó bóyá ìpàdé wà. Ẹ sì wo "ìtàn Olówó-ayé": ẹni tó bá ti ra ìwé tí kò rí orúkọ yẹn níbẹ̀rẹ̀ á tètè fura pé kì í ṣe òun la ní kó rà. Ní ti aago, bí ẹ bá kọ "aago mẹ́rin" lásán, aago mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa tó wẹ̀.

Ẹ̀kẹta tí mo fẹ́ sọ lẹ́ẹ̀kan rèé: bí ẹ bá fẹ́ àwòrán, ẹ ṣe é, àmọ́ kí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ ní títẹ̀. Ẹni tí dátà rẹ̀ kéré kò ní ṣí àwòrán, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè wá ọ̀rọ̀ inú àwòrán rí nígbà tó bá fẹ́ mọ aago. Àṣìṣe inú ọ̀rọ̀ títẹ̀ náà, Wásáàpù fún yín ní ìṣẹ́jú 15 péré láti tún un ṣe, èyí tí wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn kò ní yí padà. Nítorí náà, bí àṣìṣe bá ti jáde, ẹ kọ ìkéde tuntun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Àtúnṣe," ẹ fi ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ sí i, kí àwọn èèyàn lè mọ èyí tó gbẹ̀yìn.

Ẹ̀kẹrin wà, ó kan bí ẹ ṣe máa bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gé ọ̀rọ̀ yín kù. Èmi ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ bi àwọn ẹlòmíràn. Ní báyìí ná, ẹ yọ "Sátidé tó gbẹ̀yìn" kúrò nínú èyí tí ẹ gbé jáde, ẹ wo kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì sọ fún àwọn èèyàn èwo nínú ìwé Fágúnwà ni.