Ẹ Sọ Ibi Tí Ẹ Gbé Apá Kọ̀ọ̀kan Lọ Fún Olóòtú

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà nítorí ìgbéga, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí olóòtú bá ní kí ẹ lọ tún iṣẹ́ tò. Tèmi ṣì ń ta mí lára, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí inú mi tó rọ̀.

Omi kànga la ṣèwádìí lé lórí. Nínú iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, lẹ́yìn ìfáárà, apá kejì dá lé ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ, apá kẹta sọ bí a ṣe bu omi tí a sì yẹ̀ ẹ́ wò, àbájáde wà ní apá kẹrin, ìjíròrò sì wà ní apá karùn-ún. Olóòtú ní kí àbájáde tètè jáde. Ọ̀gá tí a jọ kọ ọ́ ní kí lẹ́tà tó máa bá iṣẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ olóòtú má gùn: ká dúpẹ́, ká ní a ti tún un ṣe, ó tán. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ń kọ ọ́, ẹ má dá mi lẹ́jọ́.

Èsì dé, wọn kò gba iṣẹ́ náà. Aṣàyẹ̀wò kejì ti bi wá tẹ́lẹ̀ pé báwo la ṣe tọ́jú omi láti ẹnu kànga títí dé ilé àyẹ̀wò, torí iye kòkòrò inú omi kì í dúró bó ṣe wà tí ooru bá mú un. Ìbéèrè gidi ni. A dáhùn rẹ̀ dáadáa: kúlà oníyìnyín, wákàtí tí a bu omi, wákàtí tí a bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí ó wá kọ ni pé dípò ká dáhùn, ńṣe la yọ gbogbo apá náà dànù. Yíyọ kẹ̀! Apá tó tún gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Ó ṣí apá kẹta, ó bá ìjíròrò níbẹ̀, ó parí. Apá kẹrin ni ọ̀nà ìwádìí wà báyìí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Fáìlì Track Changes wa tún wá dá kún un. Tí ẹ bá gé ìpínrọ̀ kan kúrò níbì kan, tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn, tí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe, Word lè fa ilà gba orí ti àkọ́kọ́ bí ohun tí a pa rẹ́, kó sì fi èkejì hàn bí ohun tuntun. Ojú ewé lórí ojú ewé ni ilà náà gùn dé. Ta ló máa rí ìyẹn tí kò ní gbà pé a ti yọ ọ́?

Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí olóòtú, kó tó di ọpẹ́ rẹpẹtẹ, ẹ kọ ibi tí nǹkan lọ. Tiwa ìbá rí báyìí:

"Bí ẹ ṣe ní ká ṣe, a ti yí ìtò iṣẹ́ yìí padà. Apá kejì àtijọ́ ti pín sínú ìfáárà àti ìjíròrò. Apá kẹta àtijọ́, ọ̀nà ìwádìí, ti di apá kẹrin. A sì ti fi àlàyé nípa títọ́jú omi kún un. Apá kẹrin àtijọ́ ti di apá kejì, apá karùn-ún ti di apá kẹta. Àtẹ kẹta ti di àtẹ kìn-ín-ní. Dátà àti iye inú àwọn àtẹ kò yí padà."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe kókó, torí ìtò tuntun máa ń mú kí wọ́n fura pé èsì ti yí. Ẹ sì sọ pé olóòtú ló ní kí ẹ tún un tò, kí aṣàyẹ̀wò má rò pé ẹ kàn ṣe é ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jọ́nà kì í fi lẹ́tà yìí han àwọn aṣàyẹ̀wò; olóòtú nìkan ló ń rí i. Ẹ tún kọ ọ̀rọ̀ kan náà sórí ìwé ìdáhùn, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Nísàlẹ̀ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà ìlà àtijọ́ àti tuntun. Ibi tí apá kọ̀ọ̀kan lọ ni mo ń tẹnu mọ́, mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́.

Ní ti fáìlì, ẹ kọ́kọ́ gbé àwọn apá sí àyè tuntun wọn láìtún ọ̀rọ̀ kankan ṣe, ẹ fi pamọ́, kí ẹ tó tan Track Changes. Àtúnṣe gidi nìkan ló máa hàn. Ẹ sọ ọ́ nínú lẹ́tà pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe é.

A kọ̀wé sí olóòtú, a to ibi tí nǹkan lọ fún un, ó ní ká tún un fi ránṣẹ́, wọ́n sì gbà á. Nọ́ńbà tuntun ni wọ́n fún un, bí iṣẹ́ tí wọn kò rí rí. Tírú rẹ̀ bá ṣe yín, ẹ kọ nọ́ńbà àtijọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà, torí ó lè jẹ́ olóòtú mìíràn ni yóò ṣí i.